Ìnífọ́ìsì mi pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà: báwo ni mo ṣe lè tọrọ àforíjì, kí n sì bẹ̀ wọ́n kí owó má pẹ́?

Káfíńtà Tákíé

Mo kí gbogbo ilé. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kan àga àti tábìlì ọgọ́ta fún ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí kò jìnnà sí ìlú, mo sì kó gbogbo rẹ̀ dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án. Àdéhùn wa ni pé wọn yóò san ìyókù owó láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ìnífọ́ìsì bá ti dé ọwọ́ wọn. Ọmọ tí ń bá mi tẹ ìwé kúrò lọ́dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, n kò sì kọ ìnífọ́ìsì náà títí di òní, ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí ìsanwó má pẹ́, nítorí mo jẹ onípákó lówó, mo sì ti ṣèlérí ìparí oṣù yìí fún un. Báwo ni ènìyàn ṣe ń pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nínú lẹ́tà kan?

Ọmọ Àkẹ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ ń tọrọ àforíjì fún? Láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án títí di òní, ó ti ju ogójì ọjọ́ lọ, ọgbọ̀n ọjọ́ àdéhùn sì ti kọjá. Àwọn ni wọ́n jẹ̀bi. Ẹ kọ lẹ́tà tí ó le díẹ̀ sí wọn, kí ẹ sì dárúkọ agbẹjọ́rò nínú rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe sí ẹnìkan tí ó jẹ mí lówó bíríkì ní Ọ̀yọ́, ó sì san án láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Akápò Fẹ̀yìntì

Ọmọ Àkẹ̀sán, jọ̀wọ́ tún ìbéèrè náà kà. Kì í ṣe ọjọ́ tí ọjà dé ni ọgbọ̀n ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ìnífọ́ìsì bá dé ọwọ́ wọn ni. Níwọ̀n ìgbà tí ìwé náà kò tíì kúrò nílé Káfíńtà, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò tíì pẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá kọ lẹ́tà agbẹjọ́rò sí wọn báyìí, wọn yóò kàn ṣí fáìlì wò, wọn yóò rí i pé kò sí ìnífọ́ìsì níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò sì di ìjà tí òun fúnra rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi dúró nínú rẹ̀.

Káfíńtà, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jẹ́ akápò ilé-ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ojú ẹni tí yóò gba ìwé rẹ ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń rò ni pé akápò ń bínú nítorí pé ìwé pẹ́, àti pé ìbínú yẹn ni yóò fi dá owó dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Akápò kò bínú sí ọ, ó ti gbàgbé rẹ ni. Ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ń wọlé, owó rẹ wà nínú ohun tí ó ń ronú lé lórí. Nígbà tí kò rí ìwé kankan, ó ti ìṣirò oṣù náà, ó sì fi owó tí ó wà nílẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Ohun tí o ń wá nísinsìnyí ni pé kí ó tún ṣí àyè fún ọ nínú oṣù tí ó ti pín owó rẹ̀ tán tàbí tí ó fẹ́ẹ̀ pín in tán.

Ìdí nìyí tí ọjọ́ kan fi wà tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ kí o tó kọ ohunkóhun. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń sanwó fún àwọn oníṣẹ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, mo máa ń kó gbogbo ìwé owó jọ títí di ọjọ́ 25, màá kọ orúkọ wọn sórí tákàdá kan, màá gbé e lọ fún ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ kí ó fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ni a óò san án ní ọjọ́ mélòó kan tí ó kẹ́yìn oṣù. Ìwé tí ó bá dé ní ọjọ́ 26 yóò dúró di oṣù tí ń bọ̀, àní bí olúwa rẹ̀ bá kọ ojú ìwé mẹ́ta àforíjì. Pe ilé-ẹ̀kọ́ náà ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí o béèrè lọ́wọ́ akápò wọn pé, ọjọ́ wo ni ẹ máa ń ti àkójọ ìsanwó? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí o lè bẹ̀ fún.

Káfíńtà Tákíé

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. N kò ronú sí ọjọ́ àkójọ yẹn rárá, ọgbọ̀n ọjọ́ nìkan ni mo ń kà. Bí mo bá fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́ ní ọ̀la, ọjọ́ 21, ọgbọ̀n ọjọ́ yóò pé ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ó tún lè di ìparí oṣù Kọkànlá kí n tó rí i gbà?

Akápò Fẹ̀yìntì

Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Bí o bá dákẹ́ tí o kò bẹ̀bẹ̀, ìparí oṣù Kọkànlá ni ìwé rẹ yóò bọ́ sí fúnra rẹ̀. Bí o bá bẹ̀bẹ̀ dáadáa, tí ìwé sì pé kí wọ́n tó ti àkójọ, ó lè bọ́ sí ìparí oṣù yìí. Ìyàtọ̀ oṣù kan ni ẹ̀bẹ̀ rẹ ń wá, nítorí náà oṣù kan yẹn ni kí o dárúkọ. Má ṣe kọ “ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́.” Akápò kò mọ ohun tí yóò fi gbólóhùn yẹn ṣe, ó sì tún dà bí ẹni pé o ti ń fi ẹ̀sùn ìdádúró kàn án kí ó tó ṣẹ̀.

Atẹ̀wé Waso

Èmi náà ń bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ṣiṣẹ́, mo ń tẹ ìwé ìdánwò fún wọn. Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni pé kí o kọ ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án sórí ìnífọ́ìsì náà, nítorí ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ parí ní tòótọ́, kì í sì í ṣe irọ́. Nígbà náà, ọgbọ̀n ọjọ́ ti pé, wọn yóò sì san án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ṣàlàyé gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ fún wọn dáadáa nínú lẹ́tà, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe àìbìkítà.

Akápò Fẹ̀yìntì

Atẹ̀wé, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ tọ́, apá kejì léwu. Ó tọ́ pé kí ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án hàn lórí ìwé náà, nítorí òun ni ẹ̀rí pé ọjà ti wà lọ́wọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ṣùgbọ́n ní ààyè tí a ń kọ ọjọ́ tí wọ́n kó ọjà dé ni kí ó wà. Ọjọ́ ìwé fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ tí a kọ ọ́. Bí ìwé bá gbé ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án wá, tí òǹtẹ̀ ìgbàwọlé tí akọ̀wé wọn yóò lù sí i sì sọ pé ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, àwọn tí ń yẹ ìwé ìṣirò wò ní ìparí ọdún yóò bi akápò léèrè ibi tí ìwé náà wà láàárín ọjọ́ méjìlélógójì yẹn. Yóò dà bí ẹni pé òun ni ó fi pamọ́. Kò sí akápò tí yóò fẹ́ gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú ọ̀gá rẹ̀, nítorí náà yóò dá a padà fún ọ pé kí o tún un kọ, àwọn ọjọ́ tí o ń sá fún yóò sì lọ níbẹ̀.

Ní ti àlàyé gígùn, mo ti gba lẹ́tà tí ènìyàn fi ìpínrọ̀ mẹ́rin sọ ìtàn àìsàn, ìrìn àjò àti ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́, tí iye owó kò sì jẹ yọ títí tí mo fi dé ìsàlẹ̀ ìwé. Mo káàánú ẹni náà, mo sì gbé lẹ́tà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè fara balẹ̀ kà á nígbà tí àyè bá wà. Ibẹ̀ ni ó sùn sí.

Ìyá Aláṣọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Aránṣọ ni mí, mo rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn kan ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé owó mi náà pẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì. Mo kọ lẹ́tà àforíjì tí ó kúrú, ó sì dára. Ṣùgbọ́n mo ti yí bánkì padà ní àkókò yẹn, mo sì kọ nọ́ńbà àkáǹtì tuntun sórí ìwé owó náà láì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n dá owó mi dúró. Nígbà tí mo lọ béèrè, wọ́n ní ìwé tí ó pẹ́, tí ó tún gbé àkáǹtì mìíràn wá, dà bí ìwé ẹni tí ó fẹ́ fi orúkọ mi lu jìbìtì. Mo ní láti mú lẹ́tà wá láti bánkì kí wọ́n tó gbà pé èmi ni mo ni àkáǹtì náà, ó sì tún gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àbúrò mi, bí àkáǹtì tí wọ́n san àsansílẹ̀ sí bá ṣì wà, òun ni kí o kọ.

Káfíńtà Tákíé

Ẹ ṣé, Màmá. Àkáǹtì kan náà ni. Mo ti pe akápò wọn: ọjọ́ 24 ni wọ́n ń ti àkójọ. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ó ní kí n tètè mú ìwé wá. Àpapọ̀ owó iṣẹ́ náà jẹ́ ₦1,950,000, ìyẹn ₦32,500 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ọgọ́ta, wọ́n sì ti san ₦780,000 sílẹ̀, ó ku ₦1,170,000. Lẹ́tà tí mo kọ nìyí, ẹ bá mi wò ó:

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì wá pé ìwé owó yìí pẹ́ púpọ̀. Akọ̀wé wa ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, a sì ní ìṣòro púpọ̀ nínú ilé iṣẹ́ wa. Ojú ń tì wá gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọgbọ̀n ọjọ́ ti kọjá tí ọjà ti dé ọ̀dọ̀ yín, onípákó sì ń dà wá láàmú. Ẹ má jẹ́ kí owó wa pẹ́ mọ́.”

Akápò Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, inú rere ni o fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n wo gbólóhùn kẹrin rẹ. Lẹ́yìn tí o ti dọ̀bálẹ̀ nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, o dìde, o sì nàka sí wọn. “Ẹ rántí pé ọgbọ̀n ọjọ́ ti kọjá” kò bá àdéhùn mu, akápò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà “mọ́” tí ó parí lẹ́tà sọ pé wọ́n ti ń fi owó rẹ falẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo àforíjì rẹ ti bàjẹ́ níbẹ̀.

Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ ohun tí àdéhùn fún wọn, kí wọ́n má baà ní ìdí láti rán ọ létí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí o wá bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí ó kọjá àdéhùn. Èmi yóò kọ ọ́ báyìí:

“Ìwé owó fún àga àti tábìlì ọgọ́ta tí a kó dé ilé-ẹ̀kọ́ yín ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ni a so mọ́ lẹ́tà yìí. Ìyókù owó tí ó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ₦1,170,000. Ọ̀sẹ̀ tí ọjà dé ni ó yẹ kí ìwé náà ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ wa ni ìdádúró náà ti wá, a sì tọrọ àforíjì.

A mọ̀ pé, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, òní ni ọgbọ̀n ọjọ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá ṣeé ṣe, a bẹ̀ yín kí ẹ fi owó yìí kún àwọn tí ẹ óò san ní ìparí oṣù Kẹwàá, níwọ̀n bí ọjà náà ti wà lọ́wọ́ yín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí a lè máa retí rẹ̀ fún wa.

A so lẹ́tà tí ẹ fi gbé iṣẹ́ náà fún wa àti ìwé tí olùtọ́jú ọjà yín fọwọ́ sí nígbà tí ọjà dé mọ́ ọn. Àkáǹtì tí ẹ san àsansílẹ̀ sí náà ni a ṣì ń lò.”

Gbólóhùn tí ó béèrè ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì sí ìwọ gan-an. Bí wọ́n bá sọ pé oṣù Kọkànlá ni, o kúkú ti ní ọjọ́ kan tí o lè sọ fún onípákó.

Ìyá Aláṣọ

Lẹ́tà yìí dára, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ ti yọ ọ̀rọ̀ onípákó kúrò pátápátá, n kò sì gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ni ó ń ka lẹ́tà. Nígbà tí owó tèmi há, ohun tí ó mú akápò wọn dìde gbé fáìlì mi ni pé mo sọ fún un pé àwọn ọmọ mẹ́ta tí ń bá mi rán aṣọ kò tíì gba owó wọn. Gbólóhùn kan péré ni.

Akápò Fẹ̀yìntì

Ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́nu ni, ìyá, ẹ kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Lẹ́tà yóò wà nínú fáìlì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yóò sì kà á. Bí ọ̀gá bá rí i pé gbèsè ń dààmú oníṣẹ́, ó lè máa ṣiyèméjì láti tún gbé iṣẹ́ ńlá fún un. Ṣùgbọ́n n kò ní bá yín jiyàn lórí rẹ̀, nítorí mo mọ àwọn akápò tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò wọ̀ lára.

Àgbà Aróje

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ lẹ́tà, lẹ́tà. Ṣé kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ ni a wà ni? Ẹni tí ó bá ṣẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń lọ bẹ̀bẹ̀. Bí ó bá fi ìwé rán ọmọ iṣẹ́ sí àwọn àgbà níbẹ̀, wọn yóò ní kò kà wọ́n sí. Kí Káfíńtà wọṣọ dáadáa, kí ó lọ kí ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, kí ó sì bẹ̀ ẹ́.

Akápò Fẹ̀yìntì

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé kí ó gbé ìwé náà lọ fúnra rẹ̀. Ibi tí mo ń bẹ̀rù ni kí ó kọjá lórí akápò lọ bá ọ̀gá. Akápò ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ sórí àkójọ, bí ó bá sì gbọ́ pé ó ti lọ bá ọ̀gá ṣáájú òun, ó lè gba á gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ tí wọ́n rò mọ́ òun lẹ́yìn.

Àgbà Aróje

Bí ọ̀gá bá sọ pé ẹ san án, ta ni akápò tí kò ní san án? Èmi dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Atẹ̀wé Waso

Ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, ṣé kò yẹ kí ó fi owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú 100, kún un? Èkejì, ṣé kò lè dín owó kù díẹ̀ fún wọn, bíi ₦20,000, bí wọ́n bá san án ní oṣù yìí?

Akápò Fẹ̀yìntì

Ní ti àkọ́kọ́, bí owó orí ọjà kò bá sí nínú iye tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, kí ó má ṣe gbé e wọ inú ìwé tí ó ti pẹ́. Bí iye orí ìnífọ́ìsì bá fi náírà kan yàtọ̀ sí ti lẹ́tà iṣẹ́, ìwé náà yóò kúrò lórí àkójọ lọ sí ibi ìbéèrè, kò sì dájú ìgbà tí yóò padà dé. Bí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ fún owó orí náà, tí ó sì gbàgbé láti fi kún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, kí ó bá oníṣirò owó sọ̀rọ̀.

Ní ti dídín owó kù, ó máa ń mú kí àwọn kan yára. N kò fẹ́ràn rẹ̀ níbí, nítorí iye náà yóò tún yí padà, ọjọ́ mẹ́ta péré sì ni ó kù kí wọ́n ti àkójọ.

Atẹ̀wé Waso

Ó ti ṣiṣẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá. Èmi kọ iye tí ó pé sórí ìwé, mo sì kọ ẹ̀dínwó náà sínú lẹ́tà nìkan.

Káfíńtà Tákíé

Mo ti dé láti ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀sán òní, ọjọ́ 21. Ọ̀dọ̀ akápò ni mo kọ́kọ́ lọ. Lẹ́tà Bàbá ni mo lò, mo sì fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ onípákó fún un gẹ́gẹ́ bí Màmá ti wí. Ó ka ìnífọ́ìsì níwájú mi, ó sì rí àṣìṣe kan: ₦1,170,000 nìkan ni mo kọ, n kò fi hàn pé ₦1,950,000 ni àpapọ̀ àti pé wọ́n ti san ₦780,000. Ó ní bí ó bá wọlé bẹ́ẹ̀, yóò dà bí iṣẹ́ mìíràn tí kò sí lẹ́tà fún. Mo lọ tún un tẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà wọn níbẹ̀, mo gbé e padà kí aago méjì tó lù, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ó ní òun yóò fi sínú àkójọ oṣù yìí, ṣùgbọ́n ọ̀gá rìnrìn àjò, òun kò sì mọ̀ bóyá yóò dé kí oṣù tó parí láti fọwọ́ sí i.

Mo fẹ́ tún fi ẹ̀dà ìnífọ́ìsì náà ránṣẹ́ lórí ímeèlì sí ọ̀gá níbi tí ó wà. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Àgbà Aróje

Ó dára. Kí ó mọ̀ pé ìwé rẹ wà nílẹ̀.

Akápò Fẹ̀yìntì

Má ṣe fi ẹ̀dà ránṣẹ́. Bí ọ̀gá bá tẹ̀ ẹ́ jáde tí ó sì gbé e fún akọ̀wé nígbà tí ó bá dé, ìwé méjì tí nọ́ńbà wọn jẹ́ ọ̀kan náà yóò wà nínú ọ́fíìsì, wọn yóò sì dá méjèèjì dúró títí wọn yóò fi mọ̀ pé o kò gba owó lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá fẹ́ kọ sí i, kí ó jẹ́ gbólóhùn kan láìsí ìwé kankan lẹ́yìn rẹ̀, pé ìwé ti wà lọ́dọ̀ akápò láti ọjọ́ 21. Kí o sì kọ́kọ́ bi akápò bóyá kò ní bínú sí i. Ní ọjọ́ 28, pè é lẹ́ẹ̀kan, kí o béèrè bóyá ọ̀gá ti dé.

Káfíńtà Tákíé

Ó dára, Bàbá. Mo ti sọ fún onípákó pé ó lè jẹ́ ìparí oṣù yìí tàbí ti oṣù tí ń bọ̀. Ó ní òun yóò dúró di ọjọ́ 5.